Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Tún Ṣe? Àkọsílẹ̀ Bí A Ṣe Ka Àríwísí Áàpù Ìwé Àwìn Kan

Áàpù tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ìwé àwìn orí fóònù. Àwọn tó ń ta ohun jíjẹ, símẹ́ńtì, aṣọ àti ohun ìkunra ni wọ́n ń lò ó jù, láti fi kọ orúkọ ẹni tó gbé ọjà láìsanwó, iye tó kù sí i lọ́rùn, àti ọjọ́ tó dá pé òun yóò mú owó wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn ló ṣe é. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni láti máa gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ, yálà lórí ìpè tàbí nínú àríwísí tí wọ́n ń kọ sábẹ́ áàpù náà nínú Google Play.

A gbé ẹ̀yà tuntun kan jáde, ẹ̀yà 2.4.0, èyí tó fi ààyè ọjọ́ ìsanwó kún ìwé náà, tó sì ń fi àpapọ̀ gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan hàn lójú kan náà. Kí ó tó jáde, ìràwọ̀ 4.3 ni áàpù náà ní. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi já wá sí 3.7. Ìdí tí ó fi tètè já bẹ́ẹ̀ ni pé láti ọdún 2019 ni Google Play ti ń jẹ́ kí ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fún áàpù láìpẹ́ wúwo ju ti àtijọ́ lọ, láti ọdún 2021 sì ni oníkálukú ti ń rí ìràwọ̀ tí àwọn ará orílẹ̀-èdè tirẹ̀ fún áàpù, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bí inú bá bí àwọn oníṣòwò Nàìjíríà lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó fẹ́ gba áàpù náà ní Nàìjíríà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò rí i.

Nígbà tí a jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ọ̀nà méjì ni ìjíròrò gbà. Ẹni tó ń bójú tó owó ilé iṣẹ́ sọ pé ìpolówó ni: gbogbo ènìyàn ló ń ráhùn pé ìpolówó ti pọ̀ jù, nítorí náà kí a dín in kù kí ara lè tu àwọn oníbàárà. Ẹni tó ń kọ kóòdù ní tirẹ̀ sọ pé àwọn kan ń kọ̀wé pé áàpù náà kò ṣí, ṣùgbọ́n pé kò sí fóònù kankan ní ọ́fíìsì tí kò ti ṣí, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé fóònù àwọn ẹni náà ló ti gbó. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí kò sí láàárín wa ni pé kí ẹnì kan jókòó ka àríwísí wọ̀nyẹn tán láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó wá di iṣẹ́ mi.

Ojú ewé àríwísí nínú Google Play Console, ibi tí ẹni tó ni áàpù ti ń bójú tó o, dára fún ìdáhùn, ó sì lè fi ìràwọ̀, èdè, ẹ̀yà áàpù àti irú fóònù ya àríwísí sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fáìlì CSV oṣooṣù tí Google ń pèsè fún ẹni tó ni áàpù ni mo gbà sílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń sọ ọjọ́ tí a kọ àríwísí, ìràwọ̀ tó gbà, èdè rẹ̀, orúkọ fóònù, àti ẹ̀yà áàpù tó wà lórí fóònù náà nígbà tí ènìyàn kọ ọ́. Ibi tí ẹ̀yà yìí wà lè ṣófo nígbà mìíràn, kò sì yẹ kí a fi ìkánjú dí i fúnra wa, nítorí pé ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn ọjọ́ kejì tí ẹ̀yà tuntun jáde lè má tíì gba ẹ̀yà náà rárá. Àwọn tó kàn tẹ ìràwọ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ kò sí nínú ohun tí ènìyàn lè kà, àwọn náà sì pọ̀.

Mo mú gbogbo àríwísí onírawọ̀ kan títí dé mẹ́ta, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé ẹ̀yà tuntun náà àti ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka onírawọ̀ kan nìkan, nítorí pé níbẹ̀ ni ariwo wà. Onírawọ̀ mẹ́ta ni èmi máa ń kọ́kọ́ wá, nítorí pé ẹni tó fún ènìyàn ní ìràwọ̀ mẹ́ta ṣì ní ìrètí, ó sì sábà máa ń ní sùúrù láti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ, nígbà tí onírawọ̀ kan lè kàn kọ pé “Olè ni yín” kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ti àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú sì ṣe kókó ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, nítorí láìsí i, kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tó jẹ́ tuntun yàtọ̀ sí ìráhùn tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ẹni yìí ń gbìyànjú láti ṣe, ibo ló ti dúró, kí ló sì pàdánù? N kò kọ ohun tí oníbàárà ní kí a ṣe. Oníbàárà lè ní kí a dá ẹ̀yà àtijọ́ padà, ẹlòmíràn ní kí a ṣe ẹ̀yà fún fóònù kékeré, kí ó sì jẹ́ pé ohun kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Bí ẹnì kan bá mú ẹjọ́ méjì wá nínú àríwísí kan, mo kọ méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹni kan ṣoṣo yẹn. Ìsopọ̀ yìí ló padà tú ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí náà mo rọ ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó má ṣe já ìlà kan sí wẹ́wẹ́ débi tí kò ní mọ ẹni tó sọ ọ́ mọ́.

Àríwísí 186 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé ẹ̀yà tuntun. Nínú wọn, 61 sọ̀rọ̀ ìpolówó, 34 sọ pé áàpù kò ṣí, 19 sọ pé nọ́ńbà ìdánilójú tí a máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kò dé, 12 sì sọ pé ìwé wọn ti pòórá. Ìyókù jẹ́ ẹ̀bẹ̀ fún ohun tuntun, èébú lásán, àti àwọn tó ń bá wa jà nítorí dátà tó wọ́n. Bí a bá tò ó bẹ́ẹ̀ kí a sì dìde, ìpolówó ló gbégbá orókè, ẹni tó ń bójú tó owó sì ti jàre.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ráhùn nípa ìpolówó níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye kan náà. Ìràwọ̀ wa jẹ́ 4.3 nígbà yẹn pẹ̀lú gbogbo ìráhùn ìpolówó náà. Ohun tó wà bẹ́ẹ̀ kí ìràwọ̀ tó já, tó sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó já, kò lè jẹ́ òun ló já a. Ní ti “kò ṣí,” mẹ́ta péré ni mo rí tẹ́lẹ̀; ní ti ìwé tó pòórá, ẹyọ kan. Láti ẹyọ kan sí méjìlá kì í ṣe ariwo tó pọ̀ nínú àríwísí 186, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí ìwé àwìn jẹ́ fún oníṣòwò kò ní fojú kéré rẹ̀. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ bá a kọ̀wé sọ báyìí pé: “Fóònù màmá mi ni. Gbogbo àwọn tó jẹ wọ́n lówó wà nínú ìwé yìí, wọn ò sì rántí iye tó wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ta ni kí wọ́n lọ bá?” Ẹni tí ìpolówó yọ lẹ́nu yóò pa á dé, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Màmá yìí ti pàdánù owó tí kò lè gbà padà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè tó mọ̀ pé ẹ̀rí ti bàjẹ́.

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ìwé tó pòórá àti áàpù tí kò ṣí jẹ́ àìsàn méjì tàbí ẹyọ kan. Àwọn ìlà tí mo so pọ̀ ló dáhùn. Nínú àwọn méjìlá tí ìwé wọn pòórá, méje sọ ọ́ ní kedere pé áàpù ti kọ́kọ́ kọ̀ láti ṣí. Bí ọ̀kan ṣe kọ ọ́ nìyí: “Kò ṣí láti àárọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún gbà á, ó ṣí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́.” Kò sí àṣìṣe kankan nínú áàpù tó ń pa ìwé rẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń pa á rẹ́, nítorí ohun tí gbogbo ayé ń ṣe sí áàpù tó kọ̀ tí kò ṣí ni kí a yọ ọ́ kúrò kí a sì tún gbà á. Orí fóònù nìkan ni ìwé náà wà, àyàfi bí ènìyàn bá ti fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wọlé kí ẹ̀dà ìpamọ́ lè lọ sọ́dọ̀ wa, ohun tí ọ̀pọ̀ kò ṣe. Ẹni tó yọ áàpù kúrò ti yọ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Níbi yìí ni ètò iṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Àwọn 34 tí áàpù kò ṣí fún kì í ṣe ẹni tí a kàn dá dúró. Àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdánù ìwé wọn ni. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀, àwọn kan nínú wọn yóò lọ sí ẹgbẹ́ kejì, a kò sì lè dá wọn padà. Ìpàdánù tí kò ṣeé tún ṣe, tó sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń wò ó, ló yẹ kó ṣáájú ohunkóhun mìíràn, kódà bí ó bá jẹ́ ẹni mẹ́wàá ló kàn.

Kí ló wá dé tí kò fi ṣí? Àríwísí kì í sọ ìdí, àmì ló ń sọ. Ẹni tó ń kọ kóòdù ti fẹ́ di ẹ̀bi ru fóònù, nítorí náà mo kọ́kọ́ wo orúkọ fóònù wọn. Wọn kò dọ́gba rárá: púpọ̀ jẹ́ fóònù olówó pọ́ọ́kú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn fóònù tó dára wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irú fóònù kan náà sì wà láàárín àwọn tó ń yìn wá. Lẹ́yìn náà ni mo kíyè sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọ̀kan sọ pé òun ti ń lò ó “láti ọdún méjì.” Òmíràn sọ pé “látìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.” Ẹlòmíràn bínú pé “èmi tí mo mú gbogbo ará ọjà wa wá síbí.” Bí mo ti ń fà lábẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó di pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 34 ló ń sọ pé òun ti pẹ́. Àwọn tó ń ráhùn nípa ìpolówó kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ohun tó ya àwọn tí kò ṣí fún kúrò lára àwọn tó ń ṣí fún kì í ṣe fóònù, bí kò ṣe bí ìwé wọn ti pẹ́ tó, tó túmọ̀ sí bí ó ti nípọn tó.

Onírawọ̀ mẹ́ta kan ló sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Ó kọ ọ́ pé: “Ó pẹ́ kó tó ṣí lẹ́yìn àtúnṣe yìí. Mo gbé e sílẹ̀, mo lọ wọn gàrí fún oníbàárà, nígbà tí mo máa fi padà dé ó ti ṣí. Látìgbà náà kò yọ mí lẹ́nu mọ́.” Obìnrin tó wọn gàrí yìí ṣe ohun kan tí àwọn yòókù kò ṣe: kò fọwọ́ kan fóònù náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń kọ kóòdù, ojú rẹ̀ sì yí padà kí n tó kà á tán.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ṣí ẹ̀yà 2.4.0, ó ní láti tún ìwé àtijọ́ tò kí ààyè àpapọ̀ gbèsè lè wà nínú rẹ̀. Fún orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ ka gbogbo ìlà inú ìwé látòkèdélẹ̀ láti ṣà àwọn tó jẹ́ ti ẹni náà. Bí orúkọ bá jẹ́ ogún tí ìlà sì jẹ́ igba, ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní parí. Bí orúkọ bá di ẹgbẹ̀rún tí ìlà sì di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, iṣẹ́ náà kì í pọ̀ sí i ní ìlọ́po kan; ìlọ́po ti orúkọ ń lu ìlọ́po ti ìlà. Kò sí fóònù ọ́fíìsì wa kankan tí ìwé inú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ìlà, nítorí pé a kì í tajà níbẹ̀.

Èyí tó burú ni pé ibi tí áàpù ti ń ya ojú ara rẹ̀ tí ó sì ń gba ìfọwọ́kàn náà ni iṣẹ́ ìtúntò yìí ti ń wáyé. Android máa ń dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lẹ́yìn tí ènìyàn bá fọwọ́ kan ojú fóònù. Bí áàpù kò bá dáhùn, yóò gbé àkọlé kan jáde pé áàpù kò dáhùn, pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì, `Close app` àti `Wait`. Ẹni tó ń kánjú, tó ń fọwọ́ lu ojú fóònù léraléra, yóò rí àkọlé náà, yóò sì tẹ `Close app`. Nígbà tó bá sì pa á, ibi tí áàpù ń kó ìwé pamọ́ sí á dá gbogbo ohun tó ti ṣe padà sí bó ṣe wà, kí ìwé má bàa bàjẹ́ láàárín. Ààbò tó dára nìyẹn, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bó bá tún ṣí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pa á nígbà mẹ́wàá kò tíì sún mọ́ òpin ju ẹni tó pa á lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ tó lọ wọn gàrí, yóò bá a ní ṣíṣí.

A bẹ oníṣòwò kan tí ilé ìtajà rẹ̀ kò jìnnà sí wa kó jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀, tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìlà, a sì gbé e sórí fóònù àtijọ́ kan. Ó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ kó tó ṣí. Ọ̀rọ̀ tán.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí Android vitals, ibi tí Console ti ń fi ìwọ̀n àìdáhùn áàpù hàn, kò fi kígbe sí wa létí. Ìlà tí Google fà síbẹ̀ ni pé bí ju 0.47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo áàpù lójúmọ́ bá rí irú àìdáhùn bẹ́ẹ̀, áàpù náà ti wà ní ipò búburú. Tiwa gòkè, ṣùgbọ́n kò kọjá ìlà yẹn, nítorí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba áàpù pọ̀ ju àwọn tó ti pẹ́ lọ, ìwé tiwọn sì fẹ́lẹ́. Ẹni tó ti yọ áàpù kúrò nínú ìbínú náà kò sí nínú ẹni tí a ń kà mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìwọ̀n ń sọ pé nǹkan kò burú jù. Àríwísí ló sọ ẹni tó burú fún.

Bí a ṣe wá to iṣẹ́ nìyí. Àkọ́kọ́ pàá kì í ṣe kóòdù. Ìdajì àwọn oníbàárà ni a ṣì ń fún ní ẹ̀yà tuntun náà, nítorí náà a dá a dúró nínú Console kó má bàa dé ọ̀dọ̀ ìdajì yòókù. Kò sí bí a ṣe lè fi agbára dá àwọn tó ti gbà á padà sí ẹ̀yà àtijọ́; ẹ̀yà mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ú lọ nìkan ló lè rọ́pò rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ kan náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn 34 náà lóhùn. Ìdáhùn nínú Google Play kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́tà 350, ẹni tó kọ àríwísí yóò sì gba ìfitónilétí pé a ti dá òun lóhùn. Ohun tí mo kọ ni:

“Ẹ kú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ áàpù náà kúrò, ẹ má sì tẹ Clear data: ìwé yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹ so fóònù mọ́ iná, ẹ ṣí áàpù, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá sọ pé kò dáhùn, ẹ tẹ Wait. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àtúnṣe ń bọ̀.”

Kò sí ẹ̀bẹ̀ gígùn nínú rẹ̀, kò sì sí “a mọ rírì yín.” Ẹni tó fẹ́ yọ ìwé ọdún méjì kúrò lórí fóònù nílò kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú ná. Àwọn tí a ní nọ́ńbà wọn, a pè wọ́n.

Ìkejì ni àtúnṣe kóòdù fúnra rẹ̀, ẹ̀yà 2.4.1. Ìlà kan ṣoṣo ló dín ìṣẹ́jú mẹ́fà náà kù sí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí ó jẹ́ kí a lè rí ìlà oníbàárà kọ̀ọ̀kan láìka gbogbo ìwé:

```sql
CREATE INDEX idx_owo_onibaara ON owo(onibaara_id);
```

Ẹni tó ń kọ kóòdù tún gbé iṣẹ́ ìtúntò kúrò ní ibi tí ojú áàpù ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fi àkọlé kan síbẹ̀ pé “A ń to ìwé yín, ẹ dúró díẹ̀,” pẹ̀lú ìlà tó ń gùn lọ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ìlà tó ń gùn yìí kò mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ó ń dá ọwọ́ dúró, ọwọ́ ló sì kó wa sí wàhálà.

Ìkẹta ni àwọn 19 tí nọ́ńbà ìdánilójú kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú iye, ó yẹ kí ìpolówó ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ̀dà ìpamọ́ sì ni ìbá gba àwọn méjìlá yẹn là. Nígbà tí a pe díẹ̀ nínú wọn, a rí i pé wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 2442 nígbà kan rí kí àwọn oníṣẹ́ ìpolówó má bàa máa yọ wọ́n lẹ́nu, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ wa sì ń gbé nọ́ńbà náà gbà jẹ́ ọ̀nà ti ìpolówó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dí i lọ́nà bó ṣe yẹ kó dí i. A ní kí ilé iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ náà gbé e gba ọ̀nà ti ìránṣẹ́ ìdúnàádúrà, tí kì í ṣe ti ìpolówó. Àtúnṣe yìí kò béèrè ẹ̀yà tuntun, lẹ́tà kan àti àfikún owó díẹ̀ lórí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ná wa. Nígbà tí àtúnṣe bá rọrùn tó báyìí, tó sì ṣí ọ̀nà fún ohun tó tóbi jù ú lọ, ó lè fo àwọn tó pọ̀ jù ú lọ lórí ìwé.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tó kan ìpolówó, ó sì yẹ kí a ka ìyẹn náà dáadáa. Nígbà tí mo bi àwọn 61 náà ní ìbéèrè mẹ́ta mi, ó hàn pé púpọ̀ nínú wọn kò sọ pé ìpolówó pọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé “bí mo bá ti tẹ Fi pamọ́ báyìí ló máa ń jáde,” tàbí “mo fẹ́ tẹ orúkọ, ó gbé mi lọ síbòmíràn níwájú oníbàárà.” Ìpolówó kan ṣoṣo ló ń bí wọn nínú, èyí tó ń jáde lẹ́yìn tí a bá ti kọ àwìn sílẹ̀, níbi tí ìka ti ń lọ sí orúkọ tó kàn. A gbé ọ̀kan yẹn kúrò lójú ọ̀nà, a fi àwọn yòókù sílẹ̀, owó tí ń wọlé kò sì yẹ̀ débi tí ẹni tó ń bójú tó owó yóò fi bínú. Ká ní a ti gba ìmọ̀ràn ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́, ì bá jẹ́ pé a dín gbogbo ìpolówó kù, a fi eléyìí sí àyè rẹ̀, a sì ń retí kí ìràwọ̀ gòkè.

Àwọn tó ń bẹ̀ wá kí ojú áàpù lè máa dúdú lálẹ́ ni a tò sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀.

Ìdámárùn-ún àwọn oníbàárà ni a kọ́kọ́ fún ní ẹ̀yà 2.4.1, a wo àìdáhùn nínú vitals fún ọjọ́ mélòó kan, a sì wá ṣí i fún gbogbo ènìyàn. “Kò ṣí” fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú àríwísí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìràwọ̀ gòkè padà díẹ̀díẹ̀, kò fò. Nínú àwọn tí mo dá lóhùn, àwọn kan yí ìràwọ̀ wọn padà, ọ̀pọ̀ kò yí i padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé áàpù ti ṣí fún wọn, nítorí pé ẹni tí ara ti tù kì í rántí padà lọ sí ibi tó ti kígbe. Nínú àwọn méjìlá tí ìwé wọn pòórá, a rí ti ẹni méjì gbà padà, nítorí pé wọ́n ti fi nọ́ńbà wọlé nígbà kan rí tí wọ́n sì ti gbàgbé. Màmá tí ọmọ rẹ̀ kọ̀wé kò sí lára wọn. Ọmọ náà dá mi lóhùn lórí fóònù pé wọ́n ti padà sí ìwé àfọwọ́kọ, n kò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá.

Ìwé oníṣòwò tó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìlà yẹn ṣì wà lórí fóònù àtijọ́ náà ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú orúkọ tí a ti pààrọ̀. Kò sí ẹ̀yà tí a ń gbé jáde báyìí tí a kì í kọ́kọ́ ṣí lórí rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa fọwọ́ lu ojú fóònù náà bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè.